Ẹja Ẹ̀pẹ́ wọ Èkó: ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán wa fún ọ̀sẹ̀ yìí

Ọjọ́ Ajé, àárọ̀
*Àwòrán: ọwọ́ Màmá lórí agbọ̀n ẹja*

Ọwọ́ tẹ́ ẹ ń wò yìí, kí n tó gbọ́njú ló ti ń yan ẹja. Ọwọ́ Màmá wa ni, ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ojú àwọn jáde lórí fóònù ẹnikẹ́ni, torí náà ọwọ́ nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ bá wa fara mọ́ ọn. Èmi ni mò ń ṣe onláìnì. Màmá ń ṣe ìyókù, ìyẹn iṣẹ́ gan-an.

Ẹ̀yin ará Ájà, Lẹ́kí, Yábàá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú tíráfíìkì látìdájí, ẹ kú ìfaradà. Ọjọ́bọ̀ la máa ń gbé ọjà wọ Èkó, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Ọ́dà ń kílóòsì ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́rú. Ẹni tó bá dé ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àánú ẹ̀ á ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹja ti wọ páálí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ má bi mí ní “láàsì píráìsì”. Ẹ wá bi Màmá l'Ólúwo, bẹ́ ẹ bá láyà.

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́
*Àwòrán: àrọ̀ gbígbẹ tí a ká bí òrùka, lórí síkéèlì*

Àrọ̀ gbígbẹ, kílò kan, ₦18,500.

Mo ti ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí: “Háà! Ẹja nìkan?” Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe mátì ẹ̀, mi ò bínú.

Omi ló pọ̀ jù nínú àrọ̀ tútù. Tó bá máa gbẹ dénú, tí kì í ṣe pé ó dúdú lójú lásán tínú ẹ̀ ṣì rọ̀, nǹkan bíi kílò mẹ́ta àtààbọ̀ tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ lọ́wọ́ wa. Ẹja tútù jẹ́ ₦4,000 kílò kan. ₦14,000 ti lọ nìyẹn, a ò tíì dá iná. Ó ku owó igi. Ó ku owó ẹni tó ń la inú ẹ̀, tó ń fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó ku ọkọ̀, ó ku páálí. Èrè tó ṣẹ́ kù, tí mo bá fi ra súyà, mi ò ní yó.

Èyí tí wọ́n ń tà fún yín ní ₦11,000 kílò kan ńkọ́? Omi lẹ rà, fúúlù píráìsì. Ẹ gbé e lé síkéèlì lónìí, ẹ tún gbé e lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ó rí ibi tówó yín wọlẹ̀ sí. Omi yẹn náà ló sì máa ń jẹ́ kó hu irun funfun kó tó di wíkẹ́ńdì.

Bí ti wa bá dé, ẹ ṣẹ́ ìrù ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dún kọ́! Èyíkéyìí tó bá tẹ̀ bíi bẹ́líìtì, ẹ ṣe fídíò ẹ̀ ránṣẹ́, rìfọ́ńdì yín á wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nó sítórì.

#Àrọ̀Ẹ̀pẹ́ #Ṣẹ́ẸKóDún

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
*Àwòrán: ṣawá yíyan nínú àwo aláwọ̀ ewé*

Alẹ́ẹ̀tì wọlé, dátà gbà á. Èyí tó kù, ọkọ̀ gbà á. Sápà wá jókòó sí pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì.

Ṣawá yíyan, páàkì kékeré, ₦2,500. Ẹ gún un mọ́ ata, ẹ dà á sínú ẹ̀fọ́. Egungun wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín: ẹ má fi ojú kan wo fóònù kẹ́ ẹ fi ìkejì jẹ ẹ́.

Sápà á wo àwo yín, á bèèrè ọ̀nà.

Ọjọ́rú, ọ̀sán
*Fídíò: a ń fẹ́ edé lórí atẹ, afẹ́fẹ́ ń gbé ìyàngbò lọ*

Ẹ tan sáùndì… rárá, ẹ má tan án, Màmá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé mò ń rẹ́kọ́ọ̀dù.

Edé pupa, lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ la ti ń rà á. Kóńgò kan, ₦6,000. Ẹ ti jẹ edé oníyanrìn rí, àbí? Ẹ se ọbẹ̀ tó mu yín lórí yá, ẹ bu ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó wá ń dún gbùrọ́-gbùrọ́ bí ẹni ń jẹ títì. Gbogbo fáìbù ti bàjẹ́. Àwa ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, a tún ń sẹ̀ ẹ́ kó tó wọ ọ̀rá. A kì í bá yín lọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ tiẹ̀ bẹ̀ wá. Edé tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, ta ló mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn? Ẹ rà á lódindi, kí ojú yín rí i, kẹ́ ẹ fi bílẹ́ńdà yín lọ̀ ọ́ nílé.

Ọjọ́rú, aago méje alẹ́
*Àwòrán: páálí mẹ́ta, ìkan ò tíì kún*

Ó ku wákàtí kan. Ó ku àrọ̀ kílò márùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé “mò ń bọ̀ wá sí díẹ́ẹ̀mù” láti Ajé, ọ̀nà wo lẹ gbà?

Ọjọ́bọ̀
*Àwòrán: páálí nínú búùtù ọkọ̀, ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Lẹ́kí*

Wọ́n ti gbéra. Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé, ká lè ṣáájú àwọn tírélà dé Ìbẹ́jú. Tírélà bá ṣáájú wa, ó parí nìyẹn, a ó jọ máa wo ẹ̀yìn ara wa dé Ájà.

Ráídà á pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin Jẹ̀n-Sí ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe fóònù yín, ẹ máa ń wò ó kó dún tán kẹ́ ẹ tó tẹ “báwo ni, ta nìyí?” Ẹja lẹni tó ń pè yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbà á ní ọ́fíìsì, ọ̀rá mẹ́ta la fi dì í, òórùn ẹ̀ ò ní jáde. Tó bá jáde náà, ẹ kàn wo kólíìgì tó jókòó tì yín bí ẹni tó ń fura.

Ọjọ́ Ẹtì
*Àwòrán: kò sí àwòrán ẹja. Ìwé funfun, ọ̀rọ̀ dúdú*

Kọ́sítọ́mà kan fi àwòrán ránṣẹ́ lánàá: ẹja tó rà lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti hu. Inú mi bàjẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a jiyàn, mo ti tẹ ọ̀rọ̀ gígùn, kí n tó wo àwòrán náà dáadáa. Inú ọ̀rá tí a fi dì í ránṣẹ́ ló ṣì wà, lórí fúríjì, ibi tí ooru ẹ̀rọ ti ń fẹ́ sí i. Ọ̀rá yẹn làágùn, òógùn padà sára ẹja.

Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó sọ fún un? Àwa ni. A kàn ń kọ “táńkì yú fọ́ọ̀ yọ́ọ̀ pátírónéèjì” sára páálí, a ò kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja. A ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí i, a ò gba kọ́bọ̀.

Torí náà, gbogbo yín, ẹ gbọ́: bí ẹja bá délé, ẹ tú u kúrò nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá máa jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi bébà wé e, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bó bá máa pẹ́, firísà ni, nínú ike tó ní ìdérí. Bí Nẹ́pà bá ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe, tí ẹja rọ̀, ẹ gbé e sórí iná kékeré tàbí inú ọ́fùnù kó tún gbẹ. Èyí tó bá ti hu, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má dín in, ẹ sọ ọ́ nù. Mo mọ̀ pé owó ni. Owó ọsíbítù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí á wà lára gbogbo páálí. Táńkì yú á wà nísàlẹ̀, bí ààyè bá kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta
*Àwòrán: gbogbo ẹ̀ lórí ẹní: àrọ̀, edé, ṣawá, gàrí Ìjẹ̀bú*

Báṣẹ́lọ̀ Páàkì, ₦13,000: àrọ̀ ìlàjì kílò, edé àbọ̀ kóńgò, ṣawá páàkì kan, gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò kan. Bẹ́ ẹ bá rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ ṣírò ẹ̀.

Gàrí yẹn kan dáadáa, ó ń fa ojú ṣù. Omi tútù, ẹ̀pà, ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi ṣúgà sí i, ìyẹn wà láàárín òun àti Ọlọ́run ẹ̀.

Àwọn sísí ń bi mí pé ṣé obìnrin náà lè ra Báṣẹ́lọ̀ Páàkì. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń rà á jù! Àwọn bọ̀bọ́ ń láíìkì àwòrán, ẹ̀yin ń ṣe tíránsífà.

Ọjọ́ Àìkú
*Àwòrán: ìkòkò ikọ́kọrẹ́, èéfín ń rú*

Ojoojúmọ́ la ń ta ẹja. Lónìí, a jẹ ẹ́.

Ikọ́kọrẹ́ Màmá: ewùrà ni wọ́n rin, kì í ṣe iṣu o, iṣu ò ní dì bẹ́ẹ̀. Ata, epo pupa, edé, àrọ̀ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná oníyọ̀ ṣan, wọ́n yọ egungun ẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá hó, ẹ máa fọwọ́ ju ewùrà sí i ní kékeré kékeré, ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́ sí nìyẹn: wọ́n á ti ki orógùn bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó dì ná. Ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ ó rò ó pọ̀, díẹ̀, kí kóńkó kóńkó ẹ̀ má baà tú tán.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ tẹ́ ẹ wà l'Éèkó, Kayokayo ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: ọdún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, ṣe tẹ̀dó síbí ni, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851. Orúkọ ẹ̀ gan-an ti sọ ọ́: ká yó. Àlejò á pọ̀ nílé yín, àrọ̀ kílò kan ò sì ní ká wọn. Pírí-ọ́dà ti ṣí, ìdajì owó la ń gbà sílẹ̀.

Màmá ní kí n fi kún un pé ẹni tó bá wálé fún ọdún kó yà l'Ólúwo kí àwọn. Wọn ò ní gbà kẹ́ ẹ ya fọ́tò àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n á fún yín ní ẹja jẹ.

#Kayokayo #ẸjaẸ̀pẹ́