Ojú Kátò

Nígbà tí Kúnlé ti Ìlọrin wá bá mi ní Kúbwà, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Àwọn ọmọ Háúsá tí wọ́n jọ ń já símẹ́ńtì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn yóò gbé e lọ. Láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn kan náà ni wọ́n ń pè é ní Kátò, òmìrán ọkùnrin. Apá rẹ̀ ta kókó, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Èmi tí a jọ ń sun yàrá kan ni mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀: ike oògùn kan, hóró 100 nínú rẹ̀, láìsí nọ́ńbà NAFDAC. Ẹnìkan ní jíìmù ló ń tà á fún un. Hóró 2 lóòjọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di 5, ó di 10. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí méjì bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, mẹ́wàá á kan òrùlé."

Mo bá a wí lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri. Kúnlé tí mo mọ̀ kì í bínú báyẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nínú ooru oṣù kẹta, kò sì jẹ́ bọ́ra níwájú mi mọ́. Mo panu mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, èébì ló fi jí. Ìtọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, gbogbo ara ń yún un. Ó ní ibà ni, ká lọ ra oògùn ibà àti parasítámọ̀ọ̀lù. A gba ilé oògùn Àlùhájà lọ, ará Ọ̀fà tó kàwé apoògùn.

Àlùhájà ò nawọ́ sí pẹpẹ rárá. Ó ní kí Kúnlé bọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, kó wòkè. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè.

"Ọmọ mi, kí lò ń lò?"

Ó dákẹ́. Nígbà tí mo gún un ní ìgúnpá, ó yọ ike náà lápò. Àlùhájà ka ara rẹ̀, ó bi í ní iye tó ń lò àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga, ó jókòó.

"Sìtẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù ọkùnrin, ni wọ́n kọ síbí. Bóyá òun ló wà nínú rẹ̀, mi ò lè búra, torí kò ní nọ́ńbà. Oògùn tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ẹ̀dọ̀ a sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Irú eléyìí, wọ́n ṣe é kí ẹ̀dọ̀ má lè tètè fọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀dọ̀ rẹ ti fi ń bá a jà. Òróòro tó yẹ kó ṣàn sínú ìfun ti ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló wà lójú rẹ, òun ló ń yún ọ, òun lò ń tọ̀. Parasítámọ̀ọ̀lù tí o fẹ́ rà, ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò gbà á. Mi ò ní tà á fún ọ."

Kúnlé rẹ ohùn sílẹ̀. "Kókó kan wà lábẹ́ orí ọmú mi, mà. Ó ń dùn mí."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì tó yé mi.

"Ara rẹ ló ń yí díẹ̀ nínú oògùn náà padà sí họ́mọ̀nù obìnrin. Ọpọlọ náà rí i pé họ́mọ̀nù ọkùnrin ti pọ̀ jù, ó wá dáwọ́ iṣẹ́ tó ń rán sí kóró ẹpọ̀n dúró. Kóró tí kò bá ríṣẹ́ ṣe a máa súnkì." Kúnlé wolẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bi í.

Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: 168/104. "Ọkàn rẹ náà ń jìyà rẹ̀."

"Bí mo bá dá a dúró, mà, ṣé gbogbo ara yìí á lọ?"

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ Àlùhájà rọra dá a lóhùn. "Díẹ̀ á lọ. Ẹ̀wà, ẹyin, oorun àti sùúrù á dá díẹ̀ padà. Má tún fi hóró kan sẹ́nu mọ́. Dókítà ló máa tọ́jú ìyókù, torí ara rẹ ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe họ́mọ̀nù tirẹ̀. Òní ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe Mọ́ńdè. Mú ike náà dání kí wọ́n rí i." Ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín sórí ìwé fún wa, kò gba kọ́bọ̀.

Inú kẹ̀kẹ́ la wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn nígbà tí Kúnlé di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fún Sàní ní hóró 20 lánàá. Ó ní òun náà fẹ́ rí bíi tèmi."

Mo yọ fóònù, mo fẹ́ pe Sàní. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi Háúsá bi í bóyá ó ti gbé e mì.