Ìwé àdéhùn ilé Bódìjà ò ṣí o, ẹ jọ̀ọ́ mà

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti rí ímeèlì yín, ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ pídíẹ́fù ìwé àdéhùn ọ̀dà ilé Bódìjà tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ kọ̀ kò ṣí, mo gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù, mo tún gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, "Failed to load PDF document" ṣáá ló ń kọ, ìgbà tí mo wò ó dáadáa 0 KB ni fáìlì ọ̀hún.

Ẹ má bínú mà, ẹ bá mi tún un fi ránṣẹ́, tó bá jẹ́ Wásáàpù ló rọ̀ yín lọ́rùn náà, ó dáa. Mo fẹ́ kà á dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i, torí ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ iṣẹ́ ń bọ̀.

Ẹ ṣeun mà,
Wálé akunlé