Ètò Ìpolówó àti Ọ̀rọ̀ Pósítà fún Ìsọ̀ Ọṣẹ Dúdú Wa ní Oníkan, 5 sí 6 Oṣù Kejìlá 2026

Mọ́mì, Àǹtí, ẹ̀yin ará ilé ọṣẹ, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìsọ̀ 27 ni wọ́n fún wa ní gbàgede Tafawa Balewa. Ọjọ́ méjì péré ni, ọlọ́ṣẹ sì máa pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé wa, àmọ́ ẹni tó bá ti fi ọṣẹ wa fọwọ́ kì í fẹ́ lọ láìrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká gbé abọ́ omi sí iwájú ìsọ̀, kí gbogbo ohun tá a bá kọ sì máa pe èèyàn wá síbi abọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kọkànlá: ìtanijí

Fídíò kékeré lórí sítétọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù: ọwọ́ Mọ́mì tó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò, kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ má fi ojú hàn, ẹ má dárúkọ ọṣẹ, ẹ má sọ iye. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ rèé:

> Ààlọ́ o!
> Oko kòkó ni mo ti wá. Mo gba inú iná kọjá, mo dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ ara ẹni tó bá fi mí wẹ̀ ní í mọ́. Kí ni o?

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá dáhùn sílẹ̀. Àwọn la máa kọ́kọ́ rán létí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27: ìdáhùn àlọ́

> Ọṣẹ dúdú ni!
> Eérú èèpo kòkó, àdí àti omi la fi sè é. Ọyẹ́ ti ń bọ̀, awọ ara ò ní pẹ́ máa ya. A ti bu òrí sí ti ọdún yìí. Ẹ máa retí wa ní Oníkan.

Ọjọ́ Ajé, 30: pósítà

Ogójì la máa tẹ̀. Ilé onídìrí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti pátákó ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni ká lẹ̀ ẹ́ mọ́, ká sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ ẹyọ kan mọ́ afárá tàbí òpó iná. LASAA ló ń bójú tó ìpolówó ìta l'Ékòó, n ò fẹ́ ká fi èrè ọṣẹ san owó ìtanràn.

> Ẹ FI FỌWỌ́ KẸ́ Ẹ TÓ RÀ Á
>
> Ojúlówó ọṣẹ dúdú, ọwọ́ la fi rò ó
>
> Àbámẹ́ta 5 àti Àìkú 6, oṣù kejìlá 2026
> Aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́
> Gbàgede Tafawa Balewa, Oníkan, Èkó. ÌSỌ̀ 27
>
> 250 gíráàmù: ₦2,000
> Ìdajì kílò: ₦3,500
> Kílò kan: ₦6,500
>
> Ẹni tó bá mú ike òfìfo tirẹ̀ wá yóò gba ẹ̀dínwó ₦200.
> A ń gba káàṣì, káàdì àti tiránsífáà.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó wà lọ́kàn mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó bá wa ṣe pósítà kọ ọ́ pé ọṣẹ wa ń wo èélá, a ò sì tètè rí i. Ìyá ọmọ kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa, ojú tì mí débi pé n ò lè gbójú sókè. Ọṣẹ ìwẹ̀ là ń tà. Ẹni tó bá béèrè oògùn, ẹ ní kó lọ rí dókítà. Kí nọ́ńbà NAFDAC hàn dáadáa lára ọ̀rá ọṣẹ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kejìlá: ìránnilétí

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó dáhùn àlọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀.

> Ẹ káalẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ já àlọ́ wa, ọ̀túnla la máa ríra. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Ìkòròdú, BRT máa já yín sí TBS gan-an. Láti Mile 2, ẹ wọ rélùwéè Blue Line dé Marina, Oníkan ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnubodè tó ní ère ẹṣin funfun, ẹ ti dé. Ẹ sọ fún wa ní ìsọ̀ pé ẹ̀yin lẹ já àlọ́, a ti tọ́jú ẹ̀bùn kékeré dè yín.

Ọṣẹ wẹ́wẹ́ la máa fún wọn. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ọgọ́ta sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, aago 7 àárọ̀

> Òní lòní o! Omi ti wà nínú abọ́. Ìsọ̀ 27, Oníkan.

Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ni kẹ́ ẹ gbé, aṣọ ìnuwọ́ kó pọ̀, kí ẹnì kan sì máa pààrọ̀ omi ṣáá. Omi ìdọ̀tí nínú abọ́ máa ba gbogbo ohun tá a ti kọ láti ọjọ́ yìí jẹ́.

Àìkú, aago 1 ọ̀sán, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń túká

> Ẹ kú ìsìn o. Ọṣẹ ṣì wà, àmọ́ kò pọ̀ mọ́. Aago 6 la máa palẹ̀ mọ́. Ẹ yà kẹ́ ẹ tó lọ sílé.