Lẹ́tà sí Àǹtí Bùnmi lórí iṣẹ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12

Àǹtí Bùnmi mi,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú làálàá ọ̀sẹ̀. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ní kí n bá yín ṣe iṣẹ́ alẹ́ yín ní wọ́ọ̀dù ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní lè bá yín dúró. Mo tètè ń sọ ọ́ lónìí kí ẹ lè ráyè wá ẹlòmíì kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí ẹ má máa retí mi.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá Ọjọ́bọ̀ yìí nìkan. Láti ìgbà tí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí rósítà bá kọ orúkọ yín sí, èmi ni mò ń ṣe é. Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò ní máa gba iṣẹ́ alẹ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á sí ìbínú. Mo rí bí ẹ ṣe ń sáré kiri, ó sì wù mí gidigidi kí ẹ parí ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n kàkà kí n máa fi ẹnu jẹ́ hẹn, kí n máa fi ojú kọ̀, ó sàn kí n là á yé yín.

Ọ̀sán ni mo sábà máa ń wà ní Ọjọ́bọ̀, láti aago 2 sí aago 8 alẹ́. Tí mo bá tún gba alẹ́ yín mọ́ ọn, ó di wákàtí 18 lórí ìdúró. Ẹ rò ó wò nígbà tó bá di aago 6 ìdájí, tí a fẹ́ fún àwọn aláìsàn ní oògùn àárọ̀. Ẹni tó jí ní aago 7 àárọ̀ àná ti lo wákàtí 23 láìsùn. Àwọn onímọ̀ ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀ pé ẹni tí kò bá fojú ba oorun fún wákàtí 17, ọkàn àti ọwọ́ rẹ̀ kì í yá mọ́, àfi bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Aago 6 yẹn gan-an sì ni ínsúlínì máa ń pọ̀ jù. Ẹ mọ bí àwọn dókítà kan ṣe ń kọ lẹ́tà U mọ́ ẹ̀yìn 10 láìfi àyè sílẹ̀. Ojú tí oorun ti kún lè ka U yẹn sí òdo, kí yúnìtì 10 di 100. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọ̀sán àná.

Ìmọ̀ràn 157 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé gbé jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní 1977 ní kí á fún nọ́ọ̀sì ní ìsinmi wákàtí 12, ó kéré tán, láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí a ṣe ń ṣe é yìí, ìsinmi kankan kò sí níbẹ̀.

Ẹ ti ní kí n kàn dúró títí ẹ ó fi dé láti kíláàsì ní aago 9:30. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Aago 8 ni àwa méjì, ẹni tó ń gbaṣẹ́ àti ẹni tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀, máa ń ka mọ́fíìnì pọ̀, tí a ó fọwọ́ síwèé, kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì. Tí ẹ kò bá sí níbẹ̀, yálà kí n ka á nìkan, èyí tí òfin wọ́ọ̀dù kò gbà, tàbí kí a tún un kà nígbà tí ẹ bá dé, kí oògùn aago 10 sì pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀. Orúkọ yín ló wà lórí rósítà, ọwọ́ mi ló wà lórí káàdì oògùn. Bí aláìsàn bá ṣubú ní bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, ẹ ò sì sí níbẹ̀. Èmi náà á ní kí n máa ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù lásìkò tí kì í ṣe tèmi. Owó iṣẹ́ alẹ́ pàápàá, ẹni tí rósítà dárúkọ ló ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò bá yín jà nítorí owó o, mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìwé ò gbè wá lẹ́yìn.

Ohun tí mo lè ṣe rèé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo lè bá yín ṣe pàṣípààrọ̀: kí ẹ gba iṣẹ́ mi kan, kí n gba tiyín kan, kí a mú ọjọ́ méjèèjì pọ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pàṣípààrọ̀, kí Métírọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán. Mi ò ní gba alẹ́ ní ọjọ́ tí mo bá ṣe ọ̀sán, mi ò sì ní gba àárọ̀ lẹ́yìn alẹ́.

Èyí tó máa yanjú ọ̀rọ̀ gan-an wà lọ́wọ́ Métírọ̀nù. Ọjọ́ 20 ni wọ́n ń ti rósítà oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ̀wé kó tó dìgbà yẹn, kó má gùn:

“Mà, mo ní kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti aago 6 sí 9 alẹ́ títí ẹ̀kọ́ náà yóò fi parí. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fi mí sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ṣe tán láti gba alẹ́ Àìkú dípò rẹ̀. Mo so ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ lẹ́tà yìí.”

Ẹ má yọ alẹ́ Àìkú yẹn kúrò o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, òun ló máa jẹ́ kí Métírọ̀nù rí ibi gbá mú. Tí ẹ bá kàn ní “ẹ yọ mí ní alẹ́” láìmú nǹkan dání, àlàfo ni ẹ gbé fún wọn, wọ́n á sì dá a padà fún yín.

Tí ohun pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ọmọ tàbí ìlera yín, Métírọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, wọ́n ní àkójọ orúkọ tí wọ́n ń pè. Bó bá kàn mí, tí mi ò sì tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, màá wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an nítorí kíláàsì, “Àǹtí mi, kò ní ṣeé ṣe” ni màá fèsì, màá sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kan wà láàárín wa nígbà náà.

Mo wà ní ọ̀sán lọ́jọ́rú. Mo lè dé ní aago 1, kí a jókòó sí yàrá oúnjẹ, kí n bá yín ka lẹ́tà náà kí ẹ tó mú un lọ. Ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn dání.

Àbúrò yín,
Ṣadé