Àmì 31, ìlà kejì àti ìkẹrin: ṣé kó lọ ni, àbí kó dúró?

Àbúrò mi,

Mo ti da owó náà lálẹ́ àná, mo fi bi Ìwé Ìyípadà, ìwé àtijọ́ táwọn Ṣáínà fi ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀. Mo kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, bó o ṣe fi ránṣẹ́ gan-an: “Àǹtí, ẹ bá mi béèrè. Ṣé kí n tẹ̀lé e lọ sílé wọn ní Hunan lọ́dún tuntun àwọn Ṣáínà yìí, kí n sọ fáwọn òbí ẹ̀ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, àbí kí n ṣì dúró?”

Owó idẹ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bí ẹ̀yìn bá kọ sókè, 3 ni mò ń kà. Bó bá jẹ́ ojú tí wọ́n kọ̀wé sí, 2. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń di ìlà kan: 7 àti 9 jẹ́ odindi, 6 àti 8 gé sí méjì. 6 àti 9 ló ń yí, odindi á di gígé, gígé á di odindi. Nígbà kẹrin, ọ̀kan yí lọ sábẹ́ tábìlì, mo ní láti kúnlẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wá a. Ẹ̀yìn ló kọ sókè, bíi ti àwọn méjì yòókù, ó di 9. Bó ṣe jáde nìyí. Ìsàlẹ̀ la ti ń kà á lọ sókè:

```
6  ── ──  8
5  ─────  7
4  ─────  9  ó ń yí
3  ─────  7
2  ── ──  6  ó ń yí
1  ── ──  8
```

Kó o tó bi mí, kì í ṣe odù. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lodù Ifá, babaláwo ló sì ń kì í fúnni. 64 ni àmì Ìwé Ìyípadà, kò sẹ́ni tó máa ní kó o rú àgbò. Ọ̀rọ̀ péréte ló kọ sídìí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwa la máa jókòó tì í.

Èyí tó jáde fún ọ ni àmì kọkànlélọ́gbọ̀n. Ká pè é ní Ohun Tó Wọni Lára. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, torí nínú gbogbo ìwé náà, bóyá lo máa rí èyí tó bá ìbéèrè rẹ mu tó báyìí. Ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ: ọ̀nà là, ìdúróṣinṣin ló ṣàǹfààní, fífẹ́ obìnrin sílé dára. Adágún omi ló wà lókè, òkè ńlá wà nísàlẹ̀. Nínú ètò wọn, òkè ni àbíkẹ́yìn ọmọkùnrin, adágún sì ni àbíkẹ́yìn ọmọbìnrin. Àlàyé àtijọ́ tó tẹ̀ lé e sọ pé ọkùnrin rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ obìnrin. Ìwọ tó o máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fáwọn àna rẹ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ṣé o nílò kí n túmọ̀ ìyẹn?

Nítorí náà, ọmọ náà dára, ìfẹ́ náà dára. Ìwé ò bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Orí ọ̀rọ̀ ìgbà àti ọ̀nà ni àwọn ìlà méjì tó ń yí ti wọlé.

Ìlà kejì kọ́kọ́. Ara èèyàn ni àmì yìí fi ń sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá, ó sì gun òkè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n. Ẹran ẹsẹ̀ ló kan ìlà kejì, ibi tó wú lẹ́yìn ojúgun yẹn. Ó ní: ó wọ̀ ọ́ ní ẹran ẹsẹ̀, ibi ni, bó o bá jókòó síbi tó o wà, ire ni. Dìde dúró báyìí, kó o gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni fẹ́ rìn. Ṣó o rí i bí ẹran ẹsẹ̀ ṣe le kí ara tó kúrò lójú kan? Kò lágbára láti dá rìn, síbẹ̀ ó ti ń sáré. Ìwọ tó o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nìyẹn, kí ọmọbìnrin náà tó dárúkọ rẹ fún màmá ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé “ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́” ló ṣì ń pè ọ́ nílé. Mi ò bú ọ o, mo kàn ń sọ ibi tí ìlà náà nàka sí.

Ìkẹrin wá ńkọ́? Òun ni mo pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Ìlà yìí ni ibi tó yẹ kí ọkàn wà, bẹ́ẹ̀ wọn ò dárúkọ ọkàn rárá. Kódà, bó o bá kọ àmì ọkàn sábẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àmì 31, ó di lẹ́tà ìmọ̀lára. Wọ́n ti yọ ọkàn kúrò látinú orúkọ náà. Ohun tí ìlà náà sọ ni pé: dúró ṣinṣin, ire ni, àbámọ̀ á lọ, ṣùgbọ́n bó o bá ń lọ bọ̀, lọ bọ̀, tí ara rẹ ò balẹ̀, kìkì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló máa bá èrò rẹ lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn rí mi lára. Ta ló ń bá èrò rẹ lọ nísinsìnyí? Àwọn ọmọkùnrin tẹ́ ẹ jọ ń gbé ní Guangzhou, tí wọ́n ń sọ pé “lọ gbé e, bọ̀dá.” Òun alára kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlá tó o fi ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ Sátidé (ìwọ lo kà á fún mi) ni lílọ bíbọ̀ náà.

Ìlà kan ní kó o jókòó, èkejì ní kó o dúró ṣinṣin. Zhu Xi, ọ̀mọ̀wé Ṣáínà tó gbé ayé láàárín 1130 sí 1200, fi ìlànà lélẹ̀ pé tí ìlà méjì bá yí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì la ó kà, ti òkè ni yóò sì jẹ́ ọ̀gá. Nítorí náà ìkẹrin ló borí: ọ̀rọ̀ náà ń lọ síwájú. Ìkejì kàn ń sọ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ló máa gbé e lọ.

Nígbà tí àwọn méjèèjì yí tán, àmì 48 ló kù, Kànga. Wọ́n lè ṣí ìlú nípò, wọn kì í ṣí kànga. Àwọn èèyàn ń lọ bọ̀, wọ́n ń pọn omi níbẹ̀. Ṣó o gbọ́ “lọ bọ̀” yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i? Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n wàhálà ti kúrò nínú ẹ̀. Ó wá kìlọ̀ pé bí okùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé omi àmọ́ tí kò dé, tàbí tí ìkòkò bá fọ́, ibi ni. Omi wà nísàlẹ̀. Okùn rẹ ló kúrú.

Èmi ò ní sọ pé kó o má lọ sí Hunan láéláé. Lọ́dún tuntun yìí, má gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó débẹ̀. Bí òun fúnra ẹ̀ bá pè ọ́, lọ kí wọn, gbé èso dání, jẹun, kó o padà. Bí kò bá pè ọ́, dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Okùn tó o ní láti mú gùn sí i ni orúkọ rẹ lẹ́nu ẹ̀ nílé wọn. Ojúkojú ni kó o ti bi í, má fi fóònù bi í: “Kí lo sọ fún màmá ẹ nípa mi?” Kó o sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

O tún kọ̀wé láàárọ̀ yìí pé kí n dà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá á yàtọ̀. Àmì kẹrin nínú ìwé náà ti dáhùn ìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bi í, ó sọ, bí wọ́n bá tún un bi lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ̀sí ni, kò ní sọ mọ́. Mo ti kó owó náà sápò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ