Ìjábọ̀ Ìdánrawò Ìkọ́jàpadà: Mílíìkì Lẹ́búlẹ́bú WR-2417

Sí: àwọn olórí ẹ̀ka ìpèsè ọjà, sítọ́ọ̀, ìtajà àti yàrá ìdánwò
Láti ọ̀dọ̀: olórí ẹ̀ka àyẹ̀wò ọjà

ÌDÁNRAWÒ NI O. Kò sí kòkòrò nínú ọjà wa kankan.

Ní aago 8:15 àárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi ìwé kan lé olórí ìpèsè ọjà lọ́wọ́ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ta mílíìkì fún wa ló ti wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé láàbù wọn ti rí kòkòrò Sàlùmọ́nẹ́là nínú báàṣì WR-2417. Èmi àti ọ̀gá àgbà nìkan la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wákàtí 4 la fún ara wa láti mọ ibi tí mílíìkì náà ti wá, inú ohun tó wọ̀, àti ọwọ́ ẹni tí páálí bísíkíìtì kọ̀ọ̀kan wà.

Mo dìídì mú mílíìkì ni. Inú kíríìmù bísíkíìtì wa ló ń lọ, a kì í sì í gbé kíríìmù wọ ààrò. Bí kòkòrò bá bá a wọlé, kò sí iná kankan níwájú tí yóò pa á kó tó dé ẹnu ẹni tó rà á.

Ọ̀nà ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí mílíìkì náà ti wá, kò gbà wá lákòókò. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ mú ìwé ìgbàwọlé jáde: àpò 40, kílò 25 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 1,000 kílò. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e wá wà níbẹ̀, nọ́ńbà èdìdì ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ìwé èsì láàbù tí iléeṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 8:52, a ti parí ìyẹn.

Ti iwájú, ìyẹn inú ohun tó wọ̀, ló gba làákàyè. Ìwé ìwọ̀n fi hàn pé kílò 18 ló ń wọ ìpò kíríìmù kan. A po kíríìmù lẹ́ẹ̀mejìlélógún fún báàṣì bísíkíìtì B-0611, a sì pò ó lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún fún B-0612. Páálí 610 jáde nínú ti àkọ́kọ́, 664 nínú ti èkejì. Ẹ̀rọ kan náà la fi po kíríìmù B-0613, ṣùgbọ́n ìwé ìfọ̀mọ́ fi hàn pé wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ pátápátá lẹ́yìn B-0612, èsì àyẹ̀wò ojú ẹ̀rọ sì mọ́. Nítorí náà a yọ B-0613 kúrò. Ká ní ìwé yẹn kò ní ìbuwọ́lù ni, a ò bá kó òun náà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà la ṣe ìṣirò, ká mọ̀ bóyá gbogbo mílíìkì tó wọlé ló ní ibi tó lọ:

Tó wọ kíríìmù (ìpò 46): 828 kílò
Àpò 6 tí a kò tíì tú: 150 kílò
Tó kù nínú àpò tí a ti tú: 7.4 kílò
Tí láàbù wa bù: 0.5 kílò
Àpapọ̀: 985.9 kílò

Ó ku 14.1 kílò tí a kò rí. Ó wu àwọn kan kí wọ́n kà á sí èyí tó dà sílẹ̀. Mi ò gbà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣùwọ̀n àlàfo tí ìlànà wa gbà láàyè, èyí sì ti kọjá a. Yàrá ìdánwò la ti rí 12 kílò: wọ́n bù ú láti fi dán kíríìmù tuntun wò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé sítọ́ọ̀. Ó wá ku 2.1 kílò, ìyẹn eruku àti èyí tó lẹ̀ mọ́ inú àpò. Mo gba ìyẹn wọlé.

Ibí yìí ni àwọn kan ti rò pé iṣẹ́ ti parí, nítorí mílíìkì ti pé. Àmọ́ ìlànà wa ní ká tún mú páálí kan láìṣẹ̀ṣà, ká tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn. Ọwọ́ mi bá páálí B-0614. Mílíìkì WR-2431 ló wà nínú ìwé rẹ̀, kò kàn wá rárá. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé ìpò ìyẹ̀fun: "bísíkíìtì fífọ́ lílọ̀, 110 kílò". Kò sọ báàṣì tí wọ́n ti ṣà á.

A lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn ike bísíkíìtì fífọ́ sí. Bébà kan wà lórí ìdérí ike tó kù, wọ́n fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ "0611 + 061" sí i, òróró kíríìmù ti pa nọ́ńbà tó kẹ́yìn rẹ́. Alábòójútó ìpò ló yanjú rẹ̀: ó fi aago tí wọ́n wọn ike náà wé aago tí ẹ̀rọ ìdì ń ṣiṣẹ́, ó sì bá 0612 mu. Kílò 176 ló fọ́ nínú báàṣì méjèèjì. 110 ti wọ B-0614, 66 ṣì wà nínú ike.

Ẹnì kan béèrè pé ṣebí ààrò ni ìyẹ̀fun B-0614 gbà kọjá, ṣé iná kò ti pa kòkòrò náà? Ìbéèrè gidi ni. Sàlùmọ́nẹ́là tó bá wà nínú ohun gbígbẹ tó lọ́ràá máa ń fara da iná ju èyí tó wà nínú ohun olómi lọ, a kò sì tíì fi ẹ̀rí hàn rí pé ààrò wa kápá rẹ̀ nínú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rí, a ó kó o padà. Bí páálí 590 ṣe kún un nìyẹn, tí 1,274 di 1,864.

Sítọ́ọ̀ rí 780, wọ́n sì fi okùn pupa yí wọn ká lójú ẹsẹ̀. 6 wà nínú àpẹẹrẹ tí a ń tọ́jú. 1,078 wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà 4. A fi iṣẹ́ ìdánrawò ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Àwọn 3 fèsì, wọ́n sì sọ iye tó kù lọ́wọ́ wọn àti iye tí wọ́n ti tà. Nọ́ńbà ẹni kẹrin tó wà nínú ìwé wa kò lọ mọ́. Awakọ̀ wa ló bá wa wá nọ́ńbà tuntun. Aago 11:48 la parí, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 33.

Àkókò tí a lò dára, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn bo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ká ní páálí mìíràn ni mo mú, B-0614 ì bá ṣì wà lórí tábìlì olùrà. Nítorí náà, láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀:

Kò sí ike bísíkíìtì fífọ́ tí yóò wọ ẹ̀rọ ìpò láìsí nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì tí òróró kò lè pa rẹ́, nọ́ńbà náà yóò sì wọ fọ́ọ̀mù ìpò. Alábòójútó ìpò ló ni èyí.

Yàrá ìdánwò kò gbọdọ̀ bu ohunkóhun láìjẹ́ pé akọ̀wé sítọ́ọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ka ìtajà yóò pe gbogbo alágbàtà lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà wọn ṣì ń lọ, nọ́ńbà alẹ́ náà pẹ̀lú.

Ìdánrawò tó kàn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ara bísíkíìtì fífọ́, lásìkò iṣẹ́ alẹ́, nígbà tí èmi àti olórí ìpèsè ọjà kò ní sí nílé iṣẹ́. Kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ẹni tí yóò dúró fún un lálẹ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì.