Òfin lórí àṣírí aláìsàn nínú gúrúùpù Wásáàpù, fún gbogbo òṣìṣẹ́ kílíníkì wa l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, òfin yìí la ó máa tẹ̀ lé lórí Wásáàpù níbi iṣẹ́, ó sì kan gbogbo wa: dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn ará láàbù, àwọn tó ń fúnni ní káàdì, famasí, síkọ́rítì, dírẹ́bà, àtàwọn tó wá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kódà tẹ́nì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, àṣírí aláìsàn tó mọ̀ ò tíì di ohun tó lè sọ.

Ohun tá a fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ni pé bí ẹ ò bá tiẹ̀ dárúkọ, ìyẹn ò ní ká má mọ ẹni tẹ́ ẹ ń sọ. Ẹ wò ó, tẹ́nì kan bá kọ ọ́ pé "màmá tó ń ta ẹ̀fọ́ níwájú Ọjà Ọba yẹn, tó bí ìbejì lọ́dọ̀ wa lánàá, tẹ́ẹ̀sì éédì ẹ̀ ti jáde o", kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó ṣú gbogbo ìsọ̀ tó yí obìnrin yẹn ká ti gbọ́, wọn ò ní ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ọkọ ẹ̀ á sì gbọ́ lẹ́nu ará ìta kóun fúnra ẹ̀ tó rí ààyè bá a sọ ọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ ni: "Káàdì 0412, èsì láàbù ti dé, kí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá wò ó." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á lọ ṣí fáìlì, ẹni tí kò kàn ò ní rí nǹkan kan gbọ́.

Torí náà orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọmọ ẹni tó jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ, kò gbọdọ̀ wọ gúrúùpù. Vóìsì nóòtì náà wà níbẹ̀ o, torí àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ sókè nínú mọ́tò.

Fọ́tò ló le jù. A ò ní ya aláìsàn àfi tóun fúnra ẹ̀ bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, ọ̀dọ̀ dókítà kan ṣoṣo tó fẹ́ rí i la ó sì fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe gúrúùpù. Ojú ò gbọdọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilà, táátù, aṣọ ẹgbẹ́, tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sára dírípù. Lọ sí Settings, Chats, kó o pa Media visibility, torí bí o ò bá pa á, àwòrán ọgbẹ́ aláìsàn á wà láàárín fọ́tò ìgbéyàwó, ọmọ tó ń fi fóònù ẹ ṣe géèmù á sì rí i.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ pe ara yín. Tá a bá ń wá ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ irú ẹ̀jẹ̀ àti wọ́ọ̀dù, ẹ má fi ohun tó ṣe aláìsàn kún un. Tá a bá ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ìdó, lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé e ló máa sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù ni gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ̀lẹ́bí àti ti ẹgbẹ́. "Ẹ bá wa gbàdúrà fún bùrọ̀dá lágbájá, jẹjẹrẹ ni wọ́n rí." Ìfẹ́ ló mú u wá, a mọ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn yẹn ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹ gbàdúrà láìdárúkọ àìsàn, láìdárúkọ èèyàn. Ẹ má gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì yín náà.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní ẹsẹ 26, sọ ọ́ pé àṣírí ni gbogbo ohun tá a bá mọ̀ nípa ìlera aláìsàn, a ò lè sọ ọ́ síta àfi tóun fúnra ẹ̀ bá gbà lórí ìwé, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí nítorí àwọn ìdí díẹ̀ míì tí òfin yẹn là sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá ṣèèṣì bọ́ sínú gúrúùpù, tètè tẹ Delete for everyone, kó o sì pe métírọ̀n lójú ẹsẹ̀. Píparẹ́ nìkan ò tó, ẹlòmíì ti lè ya á sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ fi ṣọwọ́ síbòmíì. Òfin ààbò détà ti 2023 fún wa ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń rí sí i tí ìtújáde àṣírí náà bá lè pa aláìsàn lára, àtìgbà tá a bá ti mọ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á. Tí wọ́n bá jí fóònù yín, ẹ sọ bákan náà, kẹ́ ẹ sì fi páásíwọ́ọ̀dù sí i láti òní.

Métírọ̀n ni ádímínì gúrúùpù iṣẹ́, òun ló sì máa yọ ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ kíákíá, a ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, a ó sì tún un kọ́. Ẹni tó bá fi í pamọ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ tan ọ̀rọ̀ aláìsàn ká, iṣẹ́ ẹ̀ lè bọ́. Kí oníkálukú wá fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ métírọ̀n kó tó di Ọjọ́ Ẹtì.